Ife Omi Kan àti Sítírọ́ọ̀: Bí Mo Ṣe Ń Múra Ohùn Sílẹ̀ Kí N Tó Kọrin Lọ́jọ́ Ìsinmi

Ọ̀rọ̀ ìlera tòní dá lórí ohùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìparí, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú kọ́áyà.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ súpúránò ní ìjọ wa ní Ṣàngó-Ọ̀tà níbí. Láàárín ọ̀sẹ̀, aṣọ ni mo ń tà nítòsí abẹ́ bíríìjì. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ mọ̀ pé èèyàn ò lè ná ọjà láì pariwo. Ọkọ̀ ń fun fèrè, kọ̀ńdọ́ ń pe èrò, jẹnẹrétọ̀ ń dún, eruku ọ̀nà Abẹ́òkúta àti èéfín ilé iṣẹ́ sì ń wọ ọ̀fun. Kí ọjọ́ Ìsinmi tó dé, ohùn mi á ti rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀.

Ní ọdún kan, ìkórè wa bọ́ sí àsìkò ọyẹ́. A ṣe ìsọ́ òru ní ọjọ́ Ẹtì. Mo wà lọ́jà ní Àbámẹ́ta, mo sì ti ibẹ̀ lọ síbi ìdánrawò. Láàárọ̀ ọjọ́ ìkórè, mo fi Tọ́mútọ́mù sẹ́nu, mo pariwo ohùn tó ga jù nínú orin wa lẹ́ẹ̀mẹta, mo ní mo ti la ohùn. Nígbà tí orin dé ìdajì, mo ya ẹnu, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ni mò ń sọ, mo rò pé mò ń sinmi ohùn. Kàkà kó sàn, ńṣe ló ń há sí i.

Ọmọ mi ló mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń wo etí, imú àti ọ̀fun. Ó fi ẹ̀rọ kékeré oníná wo inú gògóńgò mi. Ó ní awẹ́ ẹran kéékèèké méjì ló wà níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní tán-án-ná. Bí afẹ́fẹ́ bá ń ti ẹ̀dọ̀fóró bọ̀, wọ́n á máa gbọ̀n, wọ́n á máa kan ara wọn, ìyẹn ló ń di ohùn. Bí obìnrin bá ń sọ̀rọ̀ lásán, wọ́n ń kan ara wọn bí ìgbà 200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bí súpúránò bá gun òkè, ó máa ń lé ní 500. Tèmi ti wú. Ó ní ariwo tí mo fi ń la ohùn dà bí ìgbà tí èèyàn jí lójú oorun tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré pẹ̀lú ẹrù lórí. Tọ́mútọ́mù kàn ń mú ọ̀fun tutù ni, kò jẹ́ kí n mọ̀ pé ó ń dùn mí. Ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ náà sì lè ni tán-án-ná lára. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́, tàbí ọ̀rọ̀ díẹ̀ ní ohùn pẹ̀lẹ́, ló yẹ kí n yàn.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí nìyí. Láti Àbámẹ́ta ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Omi tí a bá mu kì í kan tán-án-ná rárá, nítorí ọ̀nà oúnjẹ ló ń gbà kọjá. Ó ní láti wọ inú ẹ̀jẹ̀ kó tó dé ibẹ̀, ìyẹn sì ń gba wákàtí mélòó kan. Nítorí náà, omi tí a gbé mu lórí ìjókòó kọ́áyà ti pẹ́ jù. Mo máa ń mu omi inú ọ̀rá mẹ́ta tàbí mẹ́rin, díẹ̀díẹ̀, láti àárọ̀ Àbámẹ́ta. Ẹ̀yin àgbà tí dókítà bá ti díwọ̀n omi fún nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín, ẹ tẹ̀lé ti dókítà yín.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ìṣẹ́jú 15 tó. Màá kọ́kọ́ yí èjìká àti ọrùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Màá gbé ọwọ́ lé ìhà, màá mí sínú kí ìhà fẹ̀, màá wá tú èémí jáde bí ejò tó ń fẹ́ atẹ́gùn, "sssss", fún bí ìṣẹ́jú àáyá 15, lẹ́ẹ̀marùn-ún. Lẹ́yìn náà, màá pa ètè dé, màá jẹ́ kí eyín ya ara wọn nínú, màá kùn "mmm" ní ìsàlẹ̀ ohùn, títí ètè àti imú á fi máa gbọ̀n.

Ìgbà náà ni ife omi á dé. Ẹ bu omi sí ìdajì ife, ẹ ki sítírọ́ọ̀ tí a fi ń mu mínírà bọ̀ ọ́ níwọ̀n ìbú ìka méjì. Ẹ fi ètè dì í pinpin, kí ẹ wá fi ohùn pe "úùù" gba inú rẹ̀, kí omi máa hó. Ẹ mú ohùn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kó tún padà, bíi sìrénì ọkọ̀ ọlọ́pàá, fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi sítírọ́ọ̀ náà kọ ohùn orin kan tán láìsí ọ̀rọ̀. Omi náà ń ti afẹ́fẹ́ padà díẹ̀, ìtìpadà yẹn ló ń gbé tán-án-ná dúró kí wọ́n má bàa lu ara wọn líle. Onímọ̀ nípa ohùn kan ní Amẹ́ríkà, Ingo Titze, wà lára àwọn tó ṣàlàyé rẹ̀ fún ayé. Bí omi bá dáwọ́ híhó dúró, èémí yín ti já. Bí iṣan ọrùn bá yọ síta, ẹ ń fi agbára tì í, ẹ rọra. Ẹ má ṣe yá ẹnikẹ́ni ní sítírọ́ọ̀ yín, ẹ sì máa fọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn náà ni màá fi ìdajì ohùn kọ ẹsẹ orin kan, kó tó wá kan ìdánwò. Màá fi ohùn tó kéré bí ìgbà tí ọmọ ń sùn kọ ìlà orin kan lókè. Bí ohùn bá pẹ́ kó tó jáde, tàbí tí afẹ́fẹ́ bá dà mọ́ ọn níbi tí kò ti ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ti wú nìyẹn. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, màá sọ fún ọ̀gá akọrin pé áótò ni mò ń bá wọn kọ, tàbí kí n jókòó.

Nínú ìsìn, ìlù àti sípíkà ló ń tan wá. Bí etí ò bá gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ẹnu á gbé e sókè láìmọ̀. Dókítà ará Faransé kan, Étienne Lombard, ti ṣàkíyèsí èyí láti ọdún 1911. Mo máa ń fi ìka kan di etí kan kí n lè gbọ́ ara mi, mi ò sì ń bá ìlù du. Bí ìsìn bá parí, màá tún lo sítírọ́ọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, mi ò sì ní pariwo mọ́ títí dé ilé.

Ìmúra yìí kì í wo àìsàn o. Bí ohùn bá há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ẹ lọ rí dókítà etí, imú àti ọ̀fun. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń bá itọ́ jáde, tí èémí tàbí oúnjẹ ò lọ dáadáa, tàbí tí kókó yọ ní ọrùn, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ní ìkórè ọdún tó tẹ̀ lé e, mi ò lọ sí ìsọ́ òru, mo sì ti ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán Àbámẹ́ta. Mo kọ orin náà dé ìparí. Ẹ bá mi fi èyí ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ akọrin yín. Ire o.