Bọ́ọ̀lù Mẹ́wàá Kò Tó Dá Kípà Lẹ́jọ́

Ọ̀rọ̀ tó gba ẹnu gbogbo ayé báyìí ni ti kípà wa méjèèjì. Bọ̀dá tó wà ní SS3 ti ṣọ́lé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta, àbúrò wa tó wà ní SS1 náà ti ṣọ́lé nínú mẹ́ta. Èmi ni mo máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá pẹ̀lú ìwé àti bíró, tí mo ń kọ gbogbo bọ́ọ̀lù tó dojú kọ ilé wa sílẹ̀. Ìwé yẹn náà ni àwọn kan wá ń tọ́ka sí pé kí wọ́n yọ ọmọ SS1 kúrò pátápátá kí á tó lọ bá àwọn ará Eruwa gbá. Nígbà tó jẹ́ ìwé mi ni wọ́n fẹ́ fi yọ ọ́, ó yẹ kí n sọ ohun tí ìwé náà lè sọ àti ohun tí kò lè sọ.

Bọ́ọ̀lù tí mò ń kà ni èyí tí ì bá wọlé bí kípà kò bá mú un. Èyí tó lọ síta tàbí tó gbá òpó, n kì í kà á. Bọ̀dá SS3 rí 10, ó mú 8. Ìyẹn jẹ́ 80 nínú 100. Ọmọ SS1 náà rí 10, ó mú 6. Ìyẹn jẹ́ 60 nínú 100. Ẹni tó bá gbọ́ 80 àti 60 á rò pé ọ̀nà wọn jìn síra. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù méjì péré ló wà láàrin wọn! Nígbà tí gbogbo bọ́ọ̀lù bá jẹ́ 10, ẹyọ kan ṣoṣo ló ń gbé kípà sókè láti 60 dé 70, tàbí kó já a wálẹ̀ láti 80 sí 70. Nínú 4 tó wọlé ọmọ SS1, ọ̀kan wà tó kọ́kọ́ ba ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀kì wa kó tó yà wọlé. Nínú 8 tí bọ̀dá mú, ọ̀kan wà tí ẹni tó gbá a gbá lù ú láyà tààrà. Ká ní ti àkọ́kọ́ kò yà, tí ọmọ SS1 mú un, tí èkejì sì yà díẹ̀ tó wọlé, 7 ni àwọn méjèèjì ì bá mú. Ta ló máa wá sọ pé kí wọ́n yọ ẹnikẹ́ni?

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó lọ wá ọmọ ayò. Kó 10 sínú àpò, fi bíró sàmì sí 3. Má wojú àpò, mú ẹyọ kan jáde. Bí kò bá ní àmì, kọ ọ́ pé kípà mú un. Bí ó bá ní àmì, ó wọlé nìyẹn. Dá a padà, gbọn àpò náà, tún mú òmíràn, títí yóò fi pé ìgbà 10. A mọ agbára kípà inú àpò yìí dájú: 70 nínú 100 ni. Ẹ̀rù kì í bà á, kì í rẹ̀ ẹ́. Síbẹ̀, ìṣirò fi hàn pé bí èèyàn 100 bá ṣe é, nǹkan bíi 27 péré ni yóò rí 7 gan-an. Bíi 35 yóò rí 6 tàbí kó dín, bíi 38 yóò sì rí 8 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àpò kan náà ni o, ọmọ ayò kan náà! Kípà tó jẹ́ 70 lè jọ ọmọ SS1 lónìí, kó sì jọ bọ̀dá SS3 lọ́la.

Ẹ rántí Ronwen Williams, kípà South Africa. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 2024, nínú ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, àwọn Cape Verde gba pẹnáritì 5 sí i lẹ́yìn tí eré parí sí ọ̀mì. Ó mú 4. Gbogbo ayé ní iwin ni. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, Nàìjíríà náà gba 5 sí i. Kò mú ẹyọ kan. Mẹ́rin wọlé, ti Ola Aina sì fò lọ sókè fúnra rẹ̀. Kípà kan náà, ìbọ̀wọ́ kan náà. Kò di ọ̀lẹ láàrin ọjọ́ mẹ́rin. Pẹnáritì 5 ló kéré jù láti fi mọ ẹni tó jẹ́.

Àwa ọmọ Igbo-Ora gan-an ló yẹ kó mọ èyí. Dókítà Patrick Nylander ka ìbí níbí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì rí ìbejì bíi 45 sí 50 nínú ìbí 1,000. Bí àlejò kan bá wá, tó ka ìbí 10 péré nínú agboolé kan, ó ju ìlàjì lọ pé kò ní rí ìbejì kankan níbẹ̀. Ṣé á wá padà sílé lọ sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa nípa Igbo-Ora?

Báwo wá ni bọ́ọ̀lù ṣe máa pọ̀ tó? Ẹ jẹ́ ká tún mú kípà tó jẹ́ 70. Bó bá rí bọ́ọ̀lù 10, oríire tàbí oríburúkú nìkan lè gbé e sí ibikíbi láti bíi 40 títí dé 100. Bó bá rí 40, á wà láàrin bíi 56 sí 84. Bó bá rí 160, á wà láàrin bíi 63 sí 77. Ẹ ṣàkíyèsí pé a ní láti sọ bọ́ọ̀lù di ìlọ́po mẹ́rin kí àyè náà tó dín sí ìlàjì. Bọ́ọ̀lù bíi 3 ni kípà wa ń rí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan. Nítorí náà, 40 tó ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 12 sí 13, 160 sì tó bíi 50. A ò lè gbá ìyẹn tán kí bọ̀dá tó jáde ilé ìwé.

Àbá mi fún olùkọ́ eré ìdárayá wa rèé, sà. Ẹ jẹ́ kí àwọn agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta kan náà gbá bọ́ọ̀lù sí àwọn méjèèjì láti ojú kan náà, kí kípà máa pààrọ̀ lẹ́yìn bọ́ọ̀lù márùn-ún márùn-ún, títí olúkúlùkù yóò fi rí 40 tó ń lọ sínú ilé. Ọ̀sán méjì tó o. Bí ọ̀kan bá mú 34 tí èkejì mú 22, a ti rí ọ̀rọ̀ sọ nìyẹn. Bó bá jẹ́ 29 àti 26, ẹ má jẹ́ ká fi ṣe nǹkan kan, kí ẹ fi ojú yín wo ohun tí iye kò lè sọ: ta ló ń dúró sí ibi tó yẹ, ta ló ń jáde gba bọ́ọ̀lù tó wá láti ẹ̀gbẹ́, ta ló ń di bọ́ọ̀lù mú tí kì í tu lọ́wọ́ rẹ̀. Òtítọ́ ni pé ìdánrawò kì í ṣe ìdíje, kò sí ariwo Eruwa níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tí àwọn méjèèjì máa rí á jọra, á sì pọ̀ ju èyí tó wà nínú ìwé mi.

Títí dìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ fi ìwé mi yọ ẹnikẹ́ni, kó kọ́kọ́ pa bọ́ọ̀lù kan rẹ́ nínú rẹ̀. Bí ìdájọ́ rẹ̀ bá yí padà, ẹjọ́ ò tíì délẹ̀ nìyẹn.