Ìfẹ́ Ọ̀gá àti Ọmọ Abẹ́ Rẹ̀: Ta Ni Yóò Buwọ́ Lùwé?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ McDonald's tí ń ta oúnjẹ káàkiri àgbáyé yọ ọ̀gá àgbà rẹ̀, Steve Easterbrook, nípò. Ẹ̀sùn olè kọ́, ẹ̀sùn ìfipábánilò náà kọ́. Òun àti òṣìṣẹ́ kan ni wọ́n jọ ń fẹ́ra, àwọn méjèèjì ló sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ilé-iṣẹ́ náà kò gba ọ̀gá láyè láti máa fẹ́ ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀, òfin náà sì mú ọ̀gá pátápátá. Wọ́n sanwó ìdágbére fún un, ó sì lọ.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ tún jáde. Ilé-iṣẹ́ náà sọ pé àwọn ti rí ẹ̀rí pé ó bá òṣìṣẹ́ mẹ́ta mìíràn lò pọ̀, àti pé ní àkókò tí ó ń bá ọ̀kan nínú wọn lò, ó fọwọ́ sí ẹ̀bùn ìpín ìdókòwò fún un, tí iye rẹ̀ jẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún dọ́là. Wọ́n pè é lẹ́jọ́. Nígbà tí wọn yanjú ẹjọ́ náà ní oṣù kejìlá ọdún 2021, owó àti ìpín ìdókòwò tí ó dá padà lé ní mílíọ̀nù 105 dọ́là.

Nínú gbogbo ìtàn yìí, ìbuwọ́lùwé yẹn ni ó yẹ kí ènìyàn tẹjú mọ́. Àgbàlagbà méjì lè fẹ́ràn ara wọn, kò sí ẹni tí yóò bi wọ́n. Ìgbà tí ọ̀kan nínú wọn bá di ọwọ́ mú bírò tí a fi ń pín owó, ipò tàbí ìyà fún èkejì ni ọ̀rọ̀ náà di ti gbogbo ọ́fíìsì.

Irú bírò bẹ́ẹ̀ kò sì ní í ṣe pẹ̀lú dọ́là nìkan. Ká ní ọ́fíìsì kékeré kan wà ní Ìbàdàn, tí òṣìṣẹ́ mẹ́rin wà lábẹ́ ọ̀gá kan, tí àyè ìgbéga kan ṣoṣo sì ṣí sílẹ̀. Ọ̀gá ni ó ń kọ máàkì sínú fọ́ọ̀mù ìgbéléwọ̀n ọdọọdún. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà jẹ́ obìnrin tí ọ̀gá ń fẹ́. Obìnrin náà gba 82, ọkùnrin tó tẹ̀ lé e gba 80. Ó lè jẹ́ pé obìnrin náà ni ó mọṣẹ́ jù lóòótọ́. Ẹni tí ó gba 80 kò ní ọ̀nà kankan tí yóò fi mọ̀. Èyí tí àwọn ènìyàn kì í sábà rò ni pé obìnrin náà pàápàá kò lè mọ̀: ìgbéga tí ó fi òógùn rẹ̀ gbà ti di ohun tí wọn yóò máa fi pòṣé sí i lẹ́yìn. Bí ọ̀gá bá sì ní kí òun má jẹ́ kí ẹnu kun òun, tí ó fún un ní 78, ó ti rẹ́ ẹ jẹ nítorí ìfẹ́. Bí wọ́n bá wá kọ ara wọn sílẹ̀ kí ọdún tó yí po, tí ó fún un ní 70, ta ni yóò gbà pé ẹ̀san kọ́? Kò sí máàkì kan tí ọ̀gá náà lè kọ tí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ́ lójú àwọn yòókù. Òtítọ́ inú rẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀.

Kódà láàrin àwọn tí ipò wọ́n dọ́gba, ewu kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í kà sí. Ní ẹ̀ka ìṣirò owó, ẹnì kan ni ó ń kọ fáúṣà, ẹlòmíràn ni ó ń yẹ̀ ẹ́ wò kí owó tó jáde. Ìdí tí a fi pín iṣẹ́ náà sí méjì ni pé kí ẹnì kejì lè sọ pé, “Èyí kò tọ́.” Bí àwọn méjèèjì bá ń fẹ́ra, ojú méjì ti di ẹyọ kan, bí wọn kò tilẹ̀ ní èrò ibi lọ́kàn.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ní ìṣòro tirẹ̀, pàápàá níbi tí a ti ń fi ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin tí ó ń pe ọ̀gá rẹ̀ ní “sà” láti òwúrọ̀ kò lè ṣàdédé dojú kọ ọ́ kí ó sọ pé òun kò fẹ́. Ohun tí yóò sọ ni, “Ẹ jẹ́ kí n rò ó ná, sà,” tàbí “Ẹ má bínú, sà, ọwọ́ mi dí lópin ọ̀sẹ̀ yìí.” Ọ̀gá tí ó gbọ́ èyí tí ó sì ní òun ṣì ní ìrètí ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Bèèrè lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe ní ọ́fíìsì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì, kì í sì í ṣe ní ọ̀sẹ̀ tí ìgbéléwọ̀n ń lọ lọ́wọ́. Bí èsì kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni gbangba, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni.

Bí àwọn méjèèjì bá wá gbà, ilé ayé ti kọ́ wa pé bí iṣu ẹni bá ta, à á fọwọ́ bò ó jẹ. Ní ọ́fíìsì, ìbòmọ́lẹ̀ yẹn gan-an ni ó ń ba nǹkan jẹ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, Bernard Looney fi ipò ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ epo BP sílẹ̀, ó sì gbà pé òun kò sọ gbogbo òtítọ́ nígbà tí wọ́n bi òun léèrè nípa àwọn òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ òun tí òun ti bá fẹ́ra rí. Ohun tí ó yẹ kí a sọ kò pọ̀. Kí ẹni tí ipò rẹ̀ ga kọ lẹ́tà ṣókí sí ẹ̀ka tí ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti sí ọ̀gá tirẹ̀, kí ìgbéléwọ̀n tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀: pé òun àti lágbájá ń fẹ́ra, àti pé òun bẹ̀bẹ̀ kí ẹlòmíràn máa kọ máàkì rẹ̀, kí ó máa fọwọ́ sí ìsinmi rẹ̀, owó àjẹmọ́nú rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kí òun má sì jókòó nínú ìgbìmọ̀ tí yóò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá ti gba máàkì lọ́wọ́ ọ̀gá ṣùgbọ́n tí wọ́n fi ìsinmi àti owó sílẹ̀ fún un, bírò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ó bá wá di dandan kí ẹnì kan kúrò ní ẹ̀ka náà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ti máa ń ṣìwà hù. Ọmọ abẹ́ ni wọ́n ń gbé lọ, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó sì máa ń jẹ́ obìnrin, nítorí pé ó rọrùn láti rí ẹni rọ́pò rẹ̀. Wọ́n á gbé e lọ sí ibi tí kò ti mọ iṣẹ́, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, nígbà tí ọ̀gá jókòó sórí àga rẹ̀. Ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó tọ́ kí ó kọ́kọ́ yọ ọwọ́ tàbí kí ó ṣí kúrò. Bí ọmọ abẹ́ bá fúnra rẹ̀ yàn láti lọ, kí ipò àti owó oṣù rẹ̀ má dín, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé kì í ṣe ìyà ni wọ́n fi jẹ ẹ́. Kí ètò náà má sì yí padà fún sáà ìgbéléwọ̀n kan, ó kéré tán, bí ìfẹ́ bá dópin, nítorí ọ̀gá tí ọkàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bàjẹ́ kò sàn ju ọ̀gá tí ìfẹ́ ń pa lọ nídìí fọ́ọ̀mù náà.