Lẹ́tà Olójú-Ewé Kan sí Alhaja

Ojú-ewé mẹ́rin ni lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo kọ sí Alhaja. Mo ní kí wọ́n bá mi tẹ̀ ẹ́ dáadáa nílé kọ̀ǹpútà, mo kì í sínú àpòòwé, mo sì gbé e lọ sí ilé búrẹ́dì wọn n'Ìbàdàn fúnra mi. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ ni pé kí iléeṣẹ́ mi tó ń ṣe ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ àti iléeṣẹ́ tiwọn jọ da ọwọ́ pọ̀. Ká jọ lo orúkọ kan lára ọ̀rá búrẹ́dì, ká jọ ra ọkọ̀ akẹ́rù, ká máa pín èrè lọ́dọọdún, kí wọ́n má sì ra ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn fún ọdún márùn-ún gbáko. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá, Alhaja ò fèsì.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ "iléeṣẹ́" tí mo ń pè é tàn yín o. Abà kan ni, lójú ọ̀nà Ìlóra. Ẹ̀rọ ìrin ẹ̀gẹ́ kan ló wà níbẹ̀, jáàkì méjì tí a fi ń fún omi, ẹ̀rọ ìlọta kan, àtẹ́ onípáànù tí a tẹ́ ọ̀rá dúdú lé fún sísá, àwa márùn-ún la sì wà níbẹ̀. Alhaja ní ààrò méjì, míkísà kan àti òṣìṣẹ́ méje. Èmi ni mo nílò wọn jù. Iléeṣẹ́ pákó kan tó ń fi ìyẹ̀fun mi ṣe gọ́ọ̀mù ti dáwọ́ ríra dúró láìsọ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì jẹ mí lówó. Àpò 14 ló kù nínú yàrá, owó àjọ ni mo sì fi ra ẹ̀gẹ́ tí a fi ṣe é. Tí oṣù bá parí, àwọn tí mo bá dá àjọ ò ní bi mí bóyá gọ́ọ̀mù tà.

Nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́, mo lọ bá Alhaja. Wọ́n jókòó lórí àga onírọ́bà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, lẹ́tà mi sì wà lábẹ́ ìwé ìṣirò wọn, ó ti lẹ́pọ̀n díẹ̀.

"Mo kà á," ni wọ́n wí. "Ó gùn. Àmọ́ mi ò rí ohun tí mo máa ṣe lọ́la nínú ẹ̀."

Mo fẹ́ ṣàlàyé, wọ́n na ọwọ́ sókè. "Àti pé, ṣé láfún lo fẹ́ kí n máa fi yan búrẹ́dì ni?"

Ìbéèrè yẹn gan-an ló yẹ kí n ti dáhùn nínú lẹ́tà, dípò ọ̀rọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù. Láfún, rírẹ ni a ń rẹ ẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi kan, kíkan yẹn ló ń fún un ní òórùn àti adùn rẹ̀. Èyí tí ó wúlò fún búrẹ́dì yàtọ̀ pátápátá: kò gbọdọ̀ kan rárá. Ọ̀nà tí àwọn olùwádìí ní IITA n'Ìbàdàn ń kọ́ni ni pé kí a wú ẹ̀gẹ́, bó o, fọ̀ ọ́, rin ín, fún un, sá a kó gbẹ, kí gbogbo rẹ̀ má sì kọjá wákàtí 24. Tí ẹ̀gẹ́ rírin bá sùn nínú àpò mọ́jú, ó ti di ọ̀nà gàrí nìyẹn, kó sí ọ̀nà àbáyọ fún un mọ́. Mo sọ èyí fún Alhaja, wọ́n sì bi mí bí wọ́n ṣe máa mọ̀ bí mo bá purọ́. Mo ní kí wọ́n tọ́ ọ wò. Ìyẹ̀fun tí kò kan kì í ní adùn kankan lórí ahọ́n, kì í sì í ní òórùn. Tí ahọ́n bá ti ta díẹ̀, kí wọ́n dá a padà.

Wọ́n ò gbà, wọ́n ò kọ̀. Wọ́n kàn sọ pé fúláwà wọ́n ju bó ti yẹ lọ, látìgbà tí ogun Rọ́ṣíà àti Yukiréènì ti bẹ́ sílẹ̀ ní 2022 ni wọn ò ti fara balẹ̀, nítorí òkèèrè ni èyí tó pọ̀ jù nínú àlìkámà wa ti ń wá. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ohun kan náà ló ń dùn wá: àwọn ń wá ohun tí yóò dín fúláwà tí wọ́n ń rà kù, èmi ń wá ẹni tí yóò máa ra ìwọ̀nba lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, tí kò ní já mi kulẹ̀ lójijì. Ọ̀rọ̀ yẹn ò ju gbólóhùn méjì lọ. Mo padà sílé, mo fi ọwọ́ kọ lẹ́tà tuntun, ojú-ewé kan péré.

Gbólóhùn méjì yẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo kọ ohun tí a máa kọ́kọ́ ṣe. N ó gbé àpò kan wá, kílò 50, láwìn. Nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ po àpò fúláwà kan, wọn óò yọ kílò 5 kúrò nínú kílò 50, wọn óò sì fi kílò 5 ìyẹ̀fun mi dí i. Kílò 45 fúláwà, kílò 5 ẹ̀gẹ́. Àpò mi yóò tó ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, ìyẹn ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Nínú pípò kan, búrẹ́dì bí 100 ló ń jáde, nítorí náà tó bá bàjẹ́, a mọ iye tó lè bàjẹ́, a óò sì pín in ní ìlàjì. Wọn kò ní san owó àpò náà àfi tí a bá parí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Ẹnikẹ́ni nínú wa ló lè ní kí a dáwọ́ dúró, kò sì ní jẹ́ ìjà.

Mo fi kókó kan kún un tí ó jẹ́ kí Alhaja gbójú sókè wò mí nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀. Ohun tó ń jẹ́ kí búrẹ́dì wú, tó sì ń mú un dúró, inú àlìkámà ló wà, ẹ̀gẹ́ ò ní in rárá. Bí ẹ̀gẹ́ ṣe ń pọ̀ sí i ni búrẹ́dì ń rọlẹ̀ sí i, òun ló fà á tí mo fi dúró sórí ìdá mẹ́wàá. Ìdánwò tó wà níbẹ̀ ni pé kí ẹni tó ń yan búrẹ́dì fi potásíọ́mù brómétì gbé e dìde, èyí tí NAFDAC sì ti fòfin dè. Mo kọ ọ́ pé bí búrẹ́dì bá kọ̀ láti wú, a óò dín ẹ̀gẹ́ kù, a kò ní fi nǹkan míì kún un.

"Ta ló sọ fún ẹ pé mò ń lo nǹkan yẹn?" ni Alhaja bi mí.

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, mà. Mi ò fẹ́ kí ìyẹ̀fun mi wá sọ yín di ẹni tó ń lò ó ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fi bíírò buwọ́ lù ú. Wọ́n fi ohun kan kún un: títí a ó fi parí, búrẹ́dì náà kò ní wọ inú ọ̀rá tó ní orúkọ wọn, nítorí fúláwà nìkan ni wọ́n kọ sára ọ̀rá náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ni yóò máa kó o lọ sílé, àti ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà àti búrẹ́dì lẹ́yìnkùlé, tí wọn yóò sọ òótọ́ fún.

Èkíní lọ dáadáa, àfi pé ìyẹ̀fun náà mu omi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ọkùnrin tó ń po ìyẹ̀fun bu omi sí i díẹ̀díẹ̀ títí tó fi rọ̀ bó ṣe fẹ́. Búrẹ́dì náà kéré sí tẹ́lẹ̀ díẹ̀, ó wúwo díẹ̀, ìyá ẹlẹ́wà sì ní òun fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ torí kì í tètè fọ́ nínú ẹ̀wà. (Mi ò kà á sí ẹ̀rí, ọ̀rẹ́ Alhaja ni.) Ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin, gbogbo rẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo ti ń ṣírò ọkọ̀ akẹ́rù lẹ́ẹ̀kan sí i.

Lẹ́yìn ìkarùn-ún, òjò ba ohun tó kù nínú àpò jẹ́ ní ilé búrẹ́dì, wọ́n sì ní kí n gbé ìdajì àpò míì wá. Jẹnẹrétọ̀ mi bàjẹ́ lọ́jọ́ tí a wú ẹ̀gẹ́ náà. A rin ín tán ní ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ṣú kí a tó fún un, ó sì sùn nínú àpò. Lọ́jọ́ kejì òjò tún rọ̀. Ẹ̀gẹ́ tó gbẹ dáadáa máa ń ró kẹ́ẹ́ tí a bá fi ìka fọ́ ọ, èyí kàn ń tẹ̀ ni. Mo mọ̀. Mo tọ́ ọ wò, ahọ́n mi ta díẹ̀. Àmọ́ mo wo kílò 120 ẹ̀gẹ́ tí mo ti san owó rẹ̀, mo ní bóyá ooru ààrò á gbé e lọ. Mo lọ̀ ọ́, mo sì fi ránṣẹ́.

Alhaja pè mí ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọn ò pariwo. "Mo tọ́ ọ wò gẹ́gẹ́ bí o ṣe kọ́ mi. Mi ò pò ó. Ṣé ìwọ ò tọ́ ọ ni?"

Ó rọrùn láti di ẹrù náà ru jẹnẹrétọ̀. Mo ní, "Mo tọ́ ọ, mà. Ó ta."

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. "Ó dára. Wá kó o."

Mo lọ kó o pẹ̀lú ọ̀kadà, mo tà á fún ìyá kan tó ń ta láfún ní iye tí kò tó owó ẹ̀gẹ́. Nínú lẹ́tà wa, a kọ nípa búrẹ́dì tó bá bàjẹ́, a kò kọ nípa ìyẹ̀fun tí a dá padà, nítorí náà mo gba àdánù yẹn fúnra mi. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni mo gbé kílò 25 mìíràn wá, èyí tí a wú láàárọ̀, tí a fún kí ọ̀sán tó pọ́n, tó sì gbẹ lọ́jọ́ kan náà. Alhaja fúnra wọn ló tọ́ ọ, wọ́n sì fún ọkùnrin tó ń po ìyẹ̀fun náà tọ́. A parí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá.

Ọjọ́ tí a jókòó ṣírò, Alhaja san owó àpò kan àti ààbọ̀, wọ́n ní àpò tí òjò bà jẹ́, orí òrùlé àwọn ló ti jò. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí a jọ pín in, wọ́n ní rárá. Wọ́n wá fa bébà kan yọ. Àpò méjì lọ́sẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àpò kan nígbà òjò, nítorí wọ́n ti rí i pé n kò lè gbẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ tí kò bá sí oòrùn. Wọn óò tẹ ọ̀rá tuntun tí a óò kọ ẹ̀gẹ́ sí. Lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú bíírò mìíràn, wọ́n kọ ọ́ pé ìyẹ̀fun tí ahọ́n bá kọ̀, ẹni tó ṣe é ni yóò gbé e padà, láìjiyàn.

Wọ́n bi mí nípa ọkọ̀ akẹ́rù. Mo ní kí a jẹ́ kí òjò kan kọjá ná.