Igbá Ta Ni Ẹ Ń Fọ́?

Ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi, ẹni tó ń gbé Ajégúnlẹ̀ tó sì ń ṣiṣẹ́ tàbí kàwé ní Àpápá mọ ìbéèrè kan tí kì í tán: "Ibo lò ń gbé?" Bí ó bá ti dáhùn, ojú ẹni tó béèrè á yí díẹ̀. Òmíràn á rẹ́rìn-ín tí kò dé inú, òmíràn á rọra fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. Ara ẹni tó béèrè pàápàá kì í balẹ̀ mọ́, torí ó mọ̀ pé ojú òun ti sọ ohun tí ẹnu òun kò sọ. Ohun tí ọmọ wa bá fi dáhùn níbẹ̀ ni mo fẹ́ ká jọ wò. Ilé ló ti kọ́ ọ, yálà a mọ̀ ọ́n mọ̀ kọ́ ọ ni tàbí a kò mọ̀.

Àwọn àgbà kò fẹ́ kí èèyàn fi ẹnu ara rẹ̀ tàbùkù ara rẹ̀. Wọ́n ní bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ ni aráyé ń bá a pè é. Síbẹ̀, àwọn àgbà yìí kan náà ló fẹ́ràn Moses Olaiya, Bàbá Sàlá, tó máa ń gbé awò ràgàjì sójú, tó ń so táì ńlá mọ́ ọrùn, tó sì sọ ara rẹ̀ di ahun lórí ìtàgé kí ayé lè rẹ́rìn-ín. Ta ló wá fojú di í? Òun ni olórí ẹgbẹ́ Aláwàdà. Sunny Adé pàápàá ta gìtá lábẹ́ rẹ̀ kó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Òwe àgbà kò purọ́. Bàbá Sàlá kò fọ́ igbá tó fi ń jẹun, ìyẹn iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ni.

Ọmọ àdúgbò wa kan náà ṣe bẹ́ẹ̀. Èkó ni wọ́n bí Bright Okpocha sí ní 1978, Ajégúnlẹ̀ ló sì dàgbà sí. Orúkọ tó mú gun orí ìtàgé, Basketmouth, èébú ni lẹ́nu àwa tí a ń gbọ́ pijin: ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò lè pa àṣírí mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e wọ̀. Ìyà àti àìní ìgbà èwe wà lára ohun tó fi ń pa àwọn olówó lẹ́rìn-ín nínú gbọ̀ngàn ńlá. Àmọ́ ìṣẹ́ tó ti kọjá ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, kì í ṣe iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó sì di ọdún 2014 tó gbé ẹ̀fẹ̀ kan jáde lórí ìfipábánilòpọ̀, ariwo sọ, ó sì ní láti tọrọ àforíjì. Lọ́jọ́ yẹn, ara ẹlòmíràn ni ẹ̀fẹ̀ náà gbà kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, màá padà sí i.

Ká ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti àgbègbè Tolú wá iṣẹ́ ìtọ́jú ilé ìkẹ́rùsí ní Àpápá. Ọ̀gá wo ìwé rẹ̀, ó ní, "Háà, Ajégúnlẹ̀! Ṣé ẹrù wa ò ní rin lọ́wọ́ rẹ báyìí?" Bí ọmọ náà bá fajú ro, tó ń ka orúkọ àwọn ọmọlúàbí tó wà ládùúgbò rẹ̀, ọ̀rọ̀ á le, ọ̀gá á sì rò pé onígbónára ni. Bí ó bá ní, "Ẹ má bínú sà, gẹ́tò náà ni wọ́n ti bí wa, a kàn ń rọ́jú ni," ó ti fọwọ́ sí ohun tí ọ̀gá fi ṣe àwàdà. Ṣùgbọ́n ká ní ó rẹ́rìn-ín músẹ́ tó ní: "Ajégúnlẹ̀ ni, sà. Lọ́dọ̀ tiwa, omi òjò kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé. Àtìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ẹrù sókè kí omi tó kàn án." Ọ̀gá á rẹ́rìn-ín, ara á sì tù ú. Ohun tí ọmọ náà sì fi bú ara rẹ̀, omi tí kì í ṣe òun ló pè é, ti fi hàn pé ó mọ ẹrù í tọ́jú. Bó bá ti sọ ọ́ tán, kó dákẹ́, kó béèrè bí wọ́n ṣe ń to ẹrù síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń sọ irú rẹ̀. Bí ó bá fi ìkejì lé e, ti ẹ̀fọn àti ti gọ́tà, iṣẹ́ tó wá wá ti bọ́ sẹ́yìn nìyẹn. Bó bá sì jẹ́ pé ó ní, "Èmi ò mọ ìṣirò rárá o, sà," fún ẹni tó fẹ́ gbé ìwé ẹrù lé e lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó máa bi í ní ìbéèrè mìíràn.

Elliot Aronson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán nǹkan tó jọ èyí wò ní Yunifásítì Minnesota, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1966. Wọ́n jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ ohùn ẹnì kan tó ń dáhùn ìbéèrè. Nínú ohùn kan, ó gba 92 nínú 100. Nínú òmíràn, 30 péré. Ní apá kan, wọ́n á tún gbọ́ tí kọfí dà sí i lára. Ẹni tó gba 92 tí kọfí dà sí lára, wọ́n túbọ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tó gba 30 tí kọfí dà sí lára, ẹ̀tẹ́ rẹ̀ ló tún pọ̀ sí i. Àṣìṣe ni wọ́n dán wò, kì í ṣe ẹ̀fẹ̀, àmọ́ èmi ò rò pé ọ̀nà wọn jìn síra. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé iléèwé tuntun, tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ ohun tó lè ṣe, kó fi ẹ̀fẹ̀ ara rẹ̀ pamọ́ ná. Kí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ pé ó mọ ìwé tàbí pé ó mọ bọ́ọ̀lù gbá.

Ohun méjì ni mo fi ń mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ti bàjẹ́. Àkọ́kọ́, àwọn tó ń gbọ́ ọ á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ ọmọ lẹ́kún: "Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, ìwọ náà tó ẹni." Ara tó yẹ kó tù wọ́n ti di iṣẹ́ sí wọn lọ́rùn. Ìkejì ló burú jù: ọmọ dákẹ́, àwọn ẹlòmíràn ló wá ń dá ẹ̀fẹ̀ náà fún un. Ó ti di orúkọ nìyẹn. Kó má jà. Kó kàn má bá wọn rẹ́rìn-ín sí i mọ́, kó sì má tún fi ẹnu ara rẹ̀ dá a.

Ó wá ku àwa òbí. A kì í fẹ́ yin ọmọ lójú ayé, ìdí wà fún un. Nítorí náà, bí olùkọ́ bá yin ọmọ wa, a óò yára ní: "Èyí? Ọ̀lẹ ni o, èmi ló fi jọ, oorun ni iṣẹ́ rẹ̀ nílé." Gbogbo èèyàn á rẹ́rìn-ín. A rò pé ara wa la rẹ̀ sílẹ̀. Àmọ́ bíi ti Basketmouth lọ́dún 2014, ara ẹlòmíràn ni ẹ̀fẹ̀ wa gbà kọjá. Ẹ wo ojú ọmọ náà. Òun ni igbá tí a fọ́, iwájú olùkọ́ tó máa fún un ní máàkì la sì ti fọ́ ọ. Àwa ń padà lọ sílé, òun ń padà sí kíláàsì pẹ̀lú orúkọ náà.

Bí ẹ bá fẹ́ pa olùkọ́ lẹ́rìn-ín nípàdé òbí tó ń bọ̀, ẹ sọ nípa tírélà tó dá yín dúró lójú ọ̀nà Àpápá títí ẹ fi sùn nínú dánfó, tí ẹ sì sùn kọjá bọ́sítọ́ọ̀pù. Tiyín nìyẹn, ẹ lè fọ́ ọ bó ṣe wù yín. Bí wọ́n bá yin ọmọ, ẹ ní, "Ẹ ṣé, sà, a dúpẹ́," kí ẹ sì jókòó.