Akọ̀wé owó tó fẹ́ fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀

Akọ̀wé owó tó ń gbèrò láti fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀, kí ó lè máa gba iṣẹ́ lórí Upwork, ìyẹn ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí oníbàárà ti ń wá òṣìṣẹ́, lè rò pé iṣẹ́ títẹ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà ló yá jù nítorí pé ìpolówó rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n “50+” ni yóò sábà rí níbi tí wọ́n ń kọ iye àwọn tó ti tọrọ iṣẹ́ náà sí. Ìṣirò owó-oṣù òṣìṣẹ́, tó ti mọ́ ọn lára, lè má ní ju ìpolówó mẹ́ta lọ lọ́sẹ̀. Bí ó bá rí “Less than 5” lára wọn, àyè wà níbẹ̀. Àmọ́, oníbàárà tí kò tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni rí kò ṣeé kà kún ọjà.