Fóònù Tó Dákẹ́

Ìtòkú, Abẹ́òkúta. Àǹtí ń ká àdìrẹ. Àbúrò rẹ̀ ti Lọ́ńdọ̀n dé lánàá lẹ́yìn ọdún méjì.

ÀBÚRÒ: Àǹtí, mo ki síìmù mi àtijọ́ bọ fóònù láàárọ̀, "No Service" ló ń kọ. Ṣùgbọ́n Wáàsáàpù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Àbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibí ni kò dáa?

ÀǸTÍ: Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà ni tèmi, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Wáífáì ilé ni Wáàsáàpù ń lò, kò nílò síìmù. Ohun tó tan èmi náà jẹ nìyẹn.

ÀBÚRÒ: Kí ló ṣẹlẹ̀ sí yín?

ÀǸTÍ: Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, ẹnìkan pè mí pé báǹkì ni, ó gba nọ́ńbà káàdì mi lẹ́nu mi. Nírọ̀lẹ́, fóònù mi dákẹ́, mo bá sùn. Wọ́n ti fi orúkọ mi gba síìmù tuntun lọ́wọ́ aṣojú kan tó gbàbọ̀dè. Bí síìmù tuntun bá ti jí, tẹni kú nìyẹn. Kóòdù báǹkì àti alẹ́ẹ̀tì, ọ̀dọ̀ olè ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Wọ́n yí PIN mi padà, wọ́n ń fi USSD kó owó.

ÀBÚRÒ: Kí ló dé tó fi jẹ́ ọjọ́ Ẹtì?

ÀǸTÍ: Báǹkì kì í ṣí lópin ọ̀sẹ̀. Láti ọdún 2018 ni CBN ti fi ₦100,000 ṣe òdiwọ̀n owó tí oníbàárà lè fi USSD san lójúmọ́. Wọ́n kó iye yẹn kí agogo méjìlá òru tó lù, wọ́n kó òmíràn lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n tún kó ti ọjọ́ Àìkú. Kí n tó dé báǹkì lọ́jọ́ Ajé, ₦300,000 ti lọ.

ÀBÚRÒ: Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀?

ÀǸTÍ: Pa fóònù, tún tàn án. Bí kò bá gbà, ki síìmù bọ fóònù mìíràn. Bó bá dákẹ́ níbẹ̀ náà, fi fóònù ẹlòmíràn pe nọ́ńbà rẹ. Bó bá ń dún níbìkan tí tìrẹ kò dún, ó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá ní wọ́n ti pa á, má tíì fọkàn balẹ̀. Olè náà lè pa fóònù. Gba tèmi, pè é.

ÀBÚRÒ: Ó ń dún! Obìnrin kan gbé e, ó ní òun ra síìmù náà lóṣù tó kọjá ni.

ÀǸTÍ: Ìyẹn kì í ṣe olè. Nọ́ńbà tí a kò lò fún 180 ọjọ́, òfin NCC gbà kí wọ́n ti í pa; bí 180 ọjọ́ mìíràn bá tún kọjá, wọ́n lè tà á fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ewu ibẹ̀ kò kéré: kóòdù báǹkì rẹ lè máa bọ́ sí fóònù rẹ̀.

ÀBÚRÒ: Kí ni kí n ṣe báyìí?

ÀǸTÍ: Fi fóònù mi pe báǹkì rẹ, ní kí wọ́n ti àkáǹtì náà pa títí wàá fi dé ọ̀dọ̀ wọn pààrọ̀ nọ́ńbà. Ní kí wọ́n máa fi alẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí ímeèlì pẹ̀lú. Ká ní olè ni, wàá tún mú NIN rẹ lọ sí ọ́fíìsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí wọ́n gba nọ́ńbà padà fún ọ. Bí wọ́n bá fi falẹ̀, pe 622 ti NCC. Fóònù tó bá dákẹ́ lálẹ́, alẹ́ náà ni kó o wádìí rẹ̀. Èmi dúró di ọjọ́ Ajé, owó ọjà mi ló bá a lọ.