Bí Mo Bá Rówó, Ká Ní Mo Rówó

Irọ́ tí mo pa fún ìyá mi kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Ọ̀rọ̀ náà ni "bá". Ohun tó sì dùn mí jù níbẹ̀ ni pé èmi gan-an ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀rọ̀ náà.

Lẹ́sìnnì Yorùbá ni mo ń ṣe ní Agbowó fún àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde ìwé mẹ́wàá. Lọ́sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, gbólóhùn kání ni a wà lórí rẹ̀. Mo kọ méjì sójú pátákó. Àkọ́kọ́ ni: "Bí òjò bá rọ̀ lọ́la, mi ò ní lọ sí Dùgbẹ̀." Òjò lè rọ̀, ó sì lè má rọ̀; kò sẹ́ni tó mọ̀. Èkejì ni: "Ká ní òjò ò rọ̀, ǹ bá ti lọ sí Dùgbẹ̀." Eléyìí kò ní àìmọ̀ nínú. Òjò ti rọ̀, mi ò sì lọ. Ìdàkejì ohun tó ṣẹlẹ̀ ni ẹnu ń sọ.

Mo fi ìkún omi ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, tó ṣọṣẹ́ káàkiri Ìbàdàn, ṣe àpẹẹrẹ fún wọn: "Ká ní wọn ò kọ́lé sójú ọ̀nà omi, omi kì bá tí gbé e." Wọ́n kọ́ ọ, omi sì gbé e. Ọmọkùnrin kan na ọwọ́: "Sà, ṣé ohun tó ti kọjá nìkan ni wọ́n ń fi ká ní sọ?" Mo ní rárá. Mo ní bí èèyàn bá sọ pé "Ká ní mo lówó, ǹ bá ra mọ́tò," tí kò fi "ti" sí i, ó lè jẹ́ òní ló ń sọ: kò lówó lónìí. Mo tún ní kí wọ́n gbọ́ ohun tí "ì bá" ń ṣe sí ìfẹ́ ọkàn. Ẹni tó ní "Ó wù mí kí n wá" ṣì lè wá. Ẹni tó ní "Ì bá wù mí kí n wá" ti kọ̀ kó tó dé orí "àmọ́".

Bí mo ṣe ń pa pátákó rẹ́ ni fóònù mi dún. Ìyá mi ni. Èlùbọ́ ni wọ́n ń tà ní ọjà Bódìjà, yàrá tí wọ́n ń kó àpò èlùbọ́ sí sì ti ń jò. Páànù àti owó iṣẹ́ káfíńtà jẹ́ ₦60,000. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ mi ni, owó oṣù ṣì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo mọ̀ dájú pé kò síbi tí owó ti máa wá. Ojú ń tì mí láti sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní: "Màmá, tí mo bá rówó kó tó di Sátidé, mà á mú un wá."

Ẹ wò ó, kò sí irọ́ nínú gbólóhùn yẹn tí èèyàn lè fọwọ́ tọ́ka sí. Àmọ́ "tí mo bá" ni ẹni tó ṣì ń retí nǹkan ń lò. Èmi ò retí nǹkan kan.

Ìyá mi gba ọ̀rọ̀ mi bí mo ṣe sọ ọ́. Nígbà tí àjọ kàn wọ́n ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n ní kí wọ́n gbé e fún obìnrin tó tẹ̀ lé wọn, pé ọmọ àwọn ń mú owó bọ̀. Lóru ọjọ́ Ẹtì, òjò dé. Àpò márùn-ún ló wà nínú yàrá náà. Omi wọ mẹ́ta, èlùbọ́ inú wọn dì gbagidi, kó sì tó di ọjọ́ kẹta ó ti bu.

Mo lọ bẹ̀ wọ́n. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní: "Mi ò bínú pé o ò lówó. Ká ní o ti sọ pé 'ká ní mo lówó' ni, ǹ bá ti gba àjọ mi."

Mi ò rí èsì fọ̀. Ìyá mi kò mọ nǹkan tó ń jẹ́ gbólóhùn kání, síbẹ̀ wọ́n gbọ́ ìyàtọ̀ rẹ̀ ju èmi olùkọ́ lọ. Orí "bá" tí mo sọ yẹn ni wọ́n gbé ìpinnu owó wọn lé.

Ọjọ́ yẹn ni mo tó gbọ́ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ tí à ń pè ní "àbámọ̀". Ẹ pè é díẹ̀díẹ̀: à bá mọ̀. "Ì bá" ló wà nínú rẹ̀. Àwọn àgbà sì ní gbogbo òtòkùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pín owó àpò èlùbọ́ mẹ́ta náà san. Àjọ tí wọ́n gbà lẹ́yìn náà ni wọ́n fi kan páànù. Ẹ̀yin tí wọ́n ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ yín, bí ẹ bá mọ̀ pé kò sí, ẹ sọ pé "ká ní". Ẹ fi "bí mo bá" sílẹ̀ fún ọjọ́ tí ẹ bá ń retí nǹkan lóòótọ́.